Àìsàn Tí Kì Í Dúró De Èsì Àyẹ̀wò

Láàárín Sẹkitéríàtì Àgodi, Géètì àti Yemetu, bí ara ènìyàn kò bá yá, ibà ni gbogbo ẹni tó bá gbọ́ máa ń pè é. Kẹ́míìsì àdúgbò yóò ta oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta fún un, yóò fi fítámì díẹ̀ kún un, ẹni náà yóò sì lọ sùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibà ni lóòótọ́, oògùn náà a sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tó máa ń wọlé bí ibà: orí fífọ́, ara gbígbóná, àárẹ̀, ojú tó ń pọ́n. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìwòsàn láàárọ̀ lè má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ tó bá fi máa di alẹ́. Orúkọ rẹ̀ gùn: tọ̀rọ́mbótíìkì tọ̀rọ́mbosaitopínìkì pọ́púrà. Àwọn dókítà fúnra wọn kì í pè é tán. TTP ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó sì ṣe máa pè é níbí.

TTP ṣọ̀wọ́n. Nínú mílíọ̀nù ènìyàn kan, àwọn tó ń kọlù lọ́dún kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìlú tó ní mílíọ̀nù mélòó kan bíi Ìbàdàn kò lè sọ pé òun kò ní í rí i. Ìwádìí ní Amẹ́ríkà sì ti fi hàn pé ó ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Bí a kò bá ṣe nǹkan kan sí i, nínú ẹni 10 tó bá mú, bí 9 ló ń kú. Bí a bá tètè dá a mọ̀ tí a sì tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ, àwọn tó ń yè ló pọ̀ jù. Ohun tó wà láàárín ikú àti ìyè níbí ni wákàtí díẹ̀, àti bóyá ẹnì kan fi ojú ara rẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà.

Òwú gígùn, àlùmọ́gàjí tó sọnù

Ohun mẹ́ta nínú ẹ̀jẹ̀ ló kan ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni sẹ́ẹ̀lì pupa, tó ń gbé atẹ́gùn kiri ara. Èkejì ni pelétílẹ́ẹ̀tì, èérún kéékèèké tó máa ń sáré lọ dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà nù. Ẹ̀kẹta ni purotéènì kan tí wọ́n fi orúkọ Erik von Willebrand sọ. Dókítà ará Fínlándì ni, òun ló ṣàpèjúwe ìdílé kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dá ní 1926.

Awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe purotéènì yìí, gígùn gbọọrọ ló sì máa ń tú u jáde, bí òwú. Bí iṣan bá ya, òwú náà a lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó ya, àwọn pelétílẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá a sì há sí i lára, títí ihò náà yóò fi dí. Bí òwú náà bá ṣe gùn tó ni agbára rẹ̀ láti mú pelétílẹ́ẹ̀tì ṣe pọ̀ tó. Òwú tó gùn jù léwu, nítorí ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn níbi tí kò sí ọgbẹ́ kankan.

Ìdí nìyẹn tí ara fi ní àlùmọ́gàjí tirẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan ni, ADAMTS13 sì ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àyẹ̀wò. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ni láti gé òwú náà kù, ojú kan pàtó ló sì ti ń gé e. Nínú iṣan ńlá tí ẹ̀jẹ̀ ti ń rọra ṣàn, òwú náà máa ń ká jọ, ojú ibi gígé náà sì fara pamọ́. Nínú àwọn iṣan tóótòòtó tí ẹ̀jẹ̀ ti ń fipá kọjá, òwú náà a nà tàntàn, ojú gígé a hàn síta, àlùmọ́gàjí a sì gé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nínú ara ẹni tó ní TTP, ẹ́ńsáìmù yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ohun tó kù kò tó ìdá 10 nínú 100 ohun tó yẹ kó wà, ọ̀rọ̀ ti di TTP nìyẹn. Àwọn òwú gígùn a nà gbalaja sínú àwọn iṣan tóótòòtó inú ọpọlọ, ọkàn, kíndìnrín àti ìfun, pelétílẹ́ẹ̀tì a bò wọ́n, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní í lè kọjá dáadáa mọ́.

Ohun méjì ló ń tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì sì máa ń hàn nínú àyẹ̀wò. Pelétílẹ́ẹ̀tì ara a run sínú àwọn ẹ̀jẹ̀ dídì wọ̀nyẹn, iye tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ a sì já wálẹ̀ gan-an. Àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń fipá gba àárín òwú kọjá a máa ya, a máa fọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì jù níbi kan, bẹ́ẹ̀ náà ni pelétílẹ́ẹ̀tì ń tán níbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn kan náà fi lè ní àmì ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ àti rọpárọsẹ̀ nínú ọpọlọ lọ́jọ́ kan náà.

Kí ló ń gbé ẹ́ńsáìmù náà lọ? Ọ̀nà méjì ni. Àwọn díẹ̀ kò ní in láti inú oyún wá, nítorí pé bàbá àti ìyá, kálukú wọn, fún wọn ní ẹ̀dà jíìnì kan tó bàjẹ́. Lára àwọn wọ̀nyí, àmì lè hàn láti kékeré, ó sì lè fara pamọ́ títí obìnrin yóò fi lóyún àkọ́kọ́. Ọ̀nà kejì ló wọ́pọ̀ jù lára àgbàlagbà: àwọn èròjà tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò ṣìnà, wọ́n sì dojú ìjà kọ ẹ́ńsáìmù ara tiwọn. Ó lè ṣẹlẹ̀ láìsí ìdí tí a lè tọ́ka sí. Ó sì lè tẹ̀ lé oyún, àrùn lúpọ́ọ̀sì tàbí kòkòrò HIV.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún 16 ní New York

Eli Moschcowitz ni dókítà tó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, ní 1924. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 16 kan ló tọ́jú ní New York. Ibà ló kọ́kọ́ mú un, ara rẹ̀ funfun, àmì ẹ̀jẹ̀ kéékèèké hàn lára rẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan kú, ó dákú lọ, ó sì kú láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, àwọn iṣan tóótòòtó inú àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀ dídì. Moschcowitz rò pé májèlé kan tó lágbára ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì tó sì tún ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa.

Kò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ló pa á, ohun tó kúrò níbẹ̀ ni. Ó tó 1982 kí Joel Moake àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí òwú tó gùn kọjá ààlà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí TTP ń padà sí lára. Ní 1996, Miha Furlan ní Switzerland àti Han-Mou Tsai ní New York, kálukú lọ́tọ̀, rí ẹ́ńsáìmù tó ń gé òwú náà. Nígbà tó di 1998, àwọn méjèèjì fi hàn pé ẹ́ńsáìmù yìí ni kò sí lára àwọn aláìsàn TTP. Ní 2001 ni wọ́n rí jíìnì rẹ̀, tí orúkọ ADAMTS13 fi rinlẹ̀.

Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn nínú ìtàn yìí ni pé àwọn dókítà ti rí ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá fa omi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí aláìsàn lára, ara rẹ̀ máa ń yá. Lẹ́yìn bí 20 ọdún ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ́ńsáìmù tó sọnù náà ló wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún.

Akọ̀wé kan ní Sẹkitéríàtì

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Àwọn àmì tí TTP sábà máa ń gbé wá ni a kó jọ sí i lára. Ọmọ ọdún 38 ni, akọ̀wé ní Sẹkitéríàtì, ó wọn kílò 60, Yemetu ló ń gbé.

Ọjọ́ Ajé, orí ń fọ́ ọ, ó rẹ̀ ẹ́. Ó ra oògùn ibà. Ní Ọjọ́rú, ó ń mí gúlegúle bó bá gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí omi sóbò. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ ní ọ́fíìsì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ṣàdédé dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fẹ́ pe fáìlì, ohun mìíràn ló ń jáde, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kú tipiri. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹnì kejì rẹ̀ ní, "Ìyá Bọ́lá, ìsinmi lẹ nílò. Ẹ ti ń ṣiṣẹ́ jù." Òun náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọnù nìyí. Ọ̀rọ̀ tó dàrú tó sì padà bọ̀ sípò ni iṣan kan nínú ọpọlọ tó dí, tó sì tún là. TTP máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, yóò wá, yóò lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dí iṣan náà ń dì, ó sì ń tú. Ẹni tó bá rò pé ó ti lọ yóò padà sílé. Èyí tó ń bọ̀ lè má tú mọ́, ó sì lè jẹ́ iṣan ọkàn ni yóò dí, tí aláìsàn yóò ṣubú lulẹ̀ láìsí ìkìlọ̀.

Ọkọ rẹ̀ kò gbà. Ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ara rẹ̀ kò gbóná púpọ̀. Lára awọ dúdú, àmì ẹ̀jẹ̀ kéékèèké lè má hàn, nítorí náà ó ní kó lanu, ó tan iná sí òkè ẹnu rẹ̀, ó sì fa ìpénpéjú rẹ̀ ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Àwọn tó-tò-tó pupa bí orí abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀.

Èsì àyẹ̀wò àkọ́kọ́ dé. PCV rẹ̀ jẹ́ 19, nígbà tó yẹ kó lé ní 35. Sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ kò ní wàhálà. Pelétílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ 11,000 nínú maikirolítà kan, nígbà tó yẹ kó wà láàárín 150,000 àti 400,000. Wọn kò rí kòkòrò ibà.

Ohun tí ojú ń rí lórí ṣíláìdì

Nílùú wa, ohun tó ń dín pelétílẹ́ẹ̀tì àti PCV kù pọ̀. Ibà ẹ̀fọn nìkan lè dín méjèèjì kù. Kòkòrò tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, bó bá burú, lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa kó sì já pelétílẹ́ẹ̀tì wálẹ̀. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè ní ojú pípọ́n àti àìtó ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Àìtó ẹ́ńsáìmù G6PD náà wà, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọkùnrin: oògùn kan péré lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní UCH yìí gan-an ni Lucio Luzzatto, Usanga àti Reddy ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1969, tó fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tí kò ní G6PD máa ń le fún kòkòrò ibà láti gbé inú rẹ̀. Báwo ni dókítà yóò ṣe wá yọ TTP kúrò láàárín gbogbo wọn?

Ṣíláìdì ni ìdáhùn, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ni onímọ̀ yàrá àyẹ̀wò yóò kán sórí gíláàsì, yóò fi etí gíláàsì mìíràn fà á tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò jẹ́ kó gbẹ, yóò da aró Líṣímáànù sí i, yóò ṣàn án, yóò sì gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti fẹ́lẹ́ jù, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kò gorí ara wọn, ni ó ń wò.

Sẹ́ẹ̀lì pupa tó dára máa ń rí róbótó, àárín rẹ̀ a sì funfun díẹ̀. Lórí ṣíláìdì akọ̀wé wa, àwọn kan ti ya ní ìdajì, etí méjèèjì ibi tó ya sì yọ sókè bí àṣíborí ológun. Àwọn kan rí ṣómuṣómu onígun mẹ́ta, àwọn mìíràn kò ju èérún lọ. Láàárín wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá tí àwọ̀ wọn rí bí búlúù díẹ̀ wà: àwọn ọ̀dọ́ sẹ́ẹ̀lì tí múdùnmúdùn ara ń sáré tú síta láti dípò èyí tó ń fọ́. Bí ojú bá sì wá pelétílẹ́ẹ̀tì kiri, ọ̀kan tàbí méjì ni yóò rí níbi tó yẹ kó ti rí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí tán fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀jẹ̀ ń fi ìtóbi mọ ohun tó ń kà, nítorí náà ó lè ka èérún sẹ́ẹ̀lì pupa mọ́ pelétílẹ́ẹ̀tì. Aláìsàn tó ní 11,000 lè hàn bí ẹni tó ní ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn dókítà yóò sì balẹ̀ lásán. Nínú àìtó G6PD, sẹ́ẹ̀lì máa ń rí bí ohun tí wọ́n bù jẹ, pelétílẹ́ẹ̀tì kì í sì já wálẹ̀. Nínú fòníkú-fọ̀ladìde, ìrísí dòjé ló máa ń wà níbẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì fífọ́ onígun àti pelétílẹ́ẹ̀tì tó já bá pàdé lórí ṣíláìdì kan, tí kò sì sí ìdí mìíràn tó ṣe kedere, TTP ni kí a máa rò títí a ó fi rí ẹ̀rí pé kì í ṣe òun.

Máàkì 7 nínú 7

Láti 1966 ni wọ́n ti kọ́ àwọn dókítà pé àmì márùn-ún ni TTP ní: ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀, pelétílẹ́ẹ̀tì tó kéré, ọpọlọ tó dàrú àti kíndìnrín tó bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ náà ti pa ènìyàn. Àwọn tó ń ní àmì márààrún pọ̀ kò tó ẹni kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tó bá dúró títí márààrún yóò fi pé, òkú ló ń dúró dè.

Àyẹ̀wò ADAMTS13 ló lè sọ ọ̀rọ̀ dájú, ṣùgbọ́n yàrá àyẹ̀wò tó ń ṣe é kò pọ̀. Níbi tó bá wà pàápàá, èsì lè gba ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ìlànà máàkì tí wọ́n ń pè ní PLASMIC, tó jáde ní 2017. Ìbéèrè méje ni, máàkì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àyẹ̀wò ojoojúmọ́ sì ni gbogbo wọn.

Akọ̀wé wa ní pelétílẹ́ẹ̀tì tí kò tó 30,000: máàkì kan. Àwọn ọ̀dọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ pọ̀ kọjá ààlà, ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ ń fọ́: méjì. Kò ní jẹjẹrẹ: mẹ́ta. Wọn kò gbin ẹ̀yà ara ẹlòmíràn sí i rí: mẹ́rin. Ìtóbi sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀, tí wọ́n ń kọ ní MCV, jẹ́ 82, kò tó 90: márùn-ún. INR rẹ̀, tó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, jẹ́ 1.1, kò tó 1.5: mẹ́fà. Kiríátínì tó ń sọ ipò kíndìnrín jẹ́ 1.1, kò tó 2: méje. Ẹni tó bá gba 6 tàbí 7, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ti tán.

INR ló tọ́ kí a tẹjú mọ́. Bí kòkòrò bá gba inú ẹ̀jẹ̀ débi pé gbogbo èròjà dídì ń run, INR yóò ga sókè. Nínú TTP, INR kì í sábà yí padà, nítorí pelétílẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń tán. MCV, ní tirẹ̀, kò lè gbé ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí ọ̀pọ̀ obìnrin ni irin kò tó lára wọn, tí sẹ́ẹ̀lì wọn sì ti kéré tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń ka máàkì ní Ìbàdàn yẹ kó mọ ìyẹn.

Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò onídèérí búlúù láti tọ́jú pamọ́ fún àyẹ̀wò ADAMTS13. Ìgò onídèérí elése-àlùkò tí wọ́n fi ń ka ẹ̀jẹ̀ kò wúlò fún un, nítorí èròjà inú rẹ̀ máa ń dá ẹ́ńsáìmù náà dúró. Ó sì gbọ́dọ̀ fa á kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ́ńsáìmù ẹlòmíràn má baà bo èyí tó ń wá mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò dúró de èsì.

Omi ẹ̀jẹ̀ ni oògùn rẹ̀

Ọkọ rẹ̀ ti rí èsì náà. Ó bi dókítà pé, "Ẹ ní èérún yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Ṣé kí n lọ ra á ní báńkì ẹ̀jẹ̀ kí ẹ fi kún un?"

Dókítà ní, "Ẹ má rà á, sà. Bí a bá da á sí i, ara àwọn òwú wọ̀nyẹn ni yóò lọ. Pilásímà ni kí ẹ bá wa wá."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dà lọ́nà tó lè pa aláìsàn, àwọn onímọ̀ kì í fa pelétílẹ́ẹ̀tì sí ẹni tó ní TTP. Pilásímà, ìyẹn omi aláwọ̀ ìyeyè tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ń wẹ̀ nínú rẹ̀, ni ibi tí ẹ́ńsáìmù ADAMTS13 wà.

Ọ̀nà tó dára jù láti fún un ni kí a pààrọ̀ pilásímà. Ẹ̀rọ yóò máa fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn jáde, yóò ya pilásímà rẹ̀ sọ́tọ̀, yóò dà á nù, yóò sì dá sẹ́ẹ̀lì padà pẹ̀lú pilásímà tuntun láti ara ẹlòmíràn. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń kó àwọn èròjà tó ń gbógun ti ẹ́ńsáìmù dànù pẹ̀lú àwọn òwú gígùn, ó sì ń fi ẹ́ńsáìmù tuntun dípò. Ní 1991, Gail Rock àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà Kánádà fi aláìsàn 102 wé ara wọn, ìdajì gba pípààrọ̀, ìdajì gba pilásímà tí wọ́n kàn fà sí wọn lára. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 78 nínú 100 àwọn tó gba pípààrọ̀ ló wà láàyè. Lára àwọn yòókù, 63 ni.

Ìṣirò rẹ̀ wúwo fún wa. Ìwọ̀n bíi mílílítà 40 fún kílò kan ni wọ́n sábà ń pààrọ̀ lójúmọ́. Fún akọ̀wé wa tó wọn 60, lítà 2.4 nìyẹn. Bí àpò kan bá jẹ́ mílílítà 200, àpò 12 ni, láti ara ẹni 12, lójoojúmọ́, títí pelétílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò fi kọjá 150,000 fún ọjọ́ méjì tẹ̀ lé ara. Ẹ̀rọ náà kò sí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ya pilásímà sọ́tọ̀. Odidi ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fún aláìsàn. Pilásímà tí wọ́n bá yà gbọ́dọ̀ wà nínú firísà tó tutù tó 18 sísàlẹ̀ òdo, èyí tí iná mànàmáná wa kì í jẹ́ kó rọrùn. Nínú omi gbígbóná ìwọ̀n 37 ni wọ́n ti ń yọ́ ọ, ìyẹn sì ń gba bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ṣùgbọ́n iye tó kú nínú ìwádìí Kánádà kò túmọ̀ sí pé ibi tí kò sí ẹ̀rọ kò ní nǹkan kan láti ṣe. Nínú 100 àwọn tí wọ́n fi fífa pilásímà bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú wọn, 63 ló yè; láìsí pilásímà rárá, bíi 10 péré ni ì bá yè. Ní South Africa, níbi tí TTP tó ń bá HIV rìn ti pọ̀, fífa pilásímà síni lára lójoojúmọ́, pẹ̀lú oògùn HIV, ti gba ẹ̀mí là. Ìwọ̀n mílílítà 30 fún kílò kan ni a lè fún akọ̀wé wa: lítà 1.8, àpò 9. Ewu ibẹ̀ ni pé omi yẹn kò ní ibi tí yóò gbà jáde. Bó bá pọ̀ jù, yóò kún ẹ̀dọ̀fóró, aláìsàn yóò sì máa mí bí ẹni tó ń rì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọra fà á, tí wọ́n ń tẹ́tí sí àyà rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi oògùn tó ń mú ìtọ̀ wá kún un nígbà tó bá yẹ. Àfarà ni, títí a ó fi gbé e dé ibi tí ẹ̀rọ wà.

Lọ́jọ́ kan náà ni pirẹdinísólóònù máa ń bẹ̀rẹ̀, láti mú kí àwọn èròjà tó ń bá ẹ́ńsáìmù jà rọlẹ̀. Rìtúsímáàbù, tó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe èròjà wọ̀nyẹn, máa ń tẹ̀ lé e níbi tí ó bá ti ṣeé rà. Láti 2018 ni Yúróòpù sì ti fọwọ́ sí kapilásísúmáàbù, tí kì í jẹ́ kí pelétílẹ́ẹ̀tì lè mú òwú náà mọ́ rárá. Owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fún àwọn tí a bí láìsí ẹ́ńsáìmù náà, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ́ńsáìmù àtọwọ́dá ní 2023.

Àmì tó ń sọ pé ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́ ni pelétílẹ́ẹ̀tì. Lára akọ̀wé wa, bó bá kúrò ní 11,000, tó di 24,000, tó di 60,000 láàárín ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, a ti ń bọ̀ lọ́nà. Bó bá dúró lójú kan, tàbí tí ọ̀rọ̀ tún dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, pilásímà kò tó tàbí èrò wa kò tọ́, ó sì yẹ ká padà sídìí ṣíláìdì.

Lẹ́yìn tí ara bá yá

TTP tí ara fúnra rẹ̀ fà máa ń padà wá. Bí ẹni méjì nínú márùn-ún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló máa ń padà sí lára bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Ẹ́ńsáìmù náà lè máa lọ sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ fún oṣù mélòó kan kí pelétílẹ́ẹ̀tì tó já, nítorí náà níbi tí àyẹ̀wò ADAMTS13 bá wà, wọ́n ń wọn ọ́n lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń fún aláìsàn ní rìtúsímáàbù kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́ sílẹ̀. Níbi tí kò bá sí, kíka ẹ̀jẹ̀ àti wíwo ṣíláìdì lóòrèkóòrè ló kù, pẹ̀lú kí ẹni náà mọ ara rẹ̀. Bí ìtọ̀ bá dúdú, bí ọ̀rọ̀ bá dàrú fún ìṣẹ́jú kan, bí àmì pupa bá hàn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe kẹ́míìsì.

Obìnrin tó ti ní TTP rí gbọ́dọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì aboyún ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá lọ forúkọ sílẹ̀, yálà ní Adéọ̀yọ́ ni o tàbí ní UCH. Nínú oyún, TTP àti ẹ̀jẹ̀ ríru oyún jọra débi pé wọ́n lè ṣi ọ̀kan pè ní èkejì. Ìyàtọ̀ kan ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru oyún máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wáyé. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá lẹ́yìn ìbímọ tí pelétílẹ́ẹ̀tì ìyá ṣì ń lọ sílẹ̀, kí wọ́n wo ṣíláìdì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì wá pilásímà.

Ẹni tó gbé aláìsàn wá sí ilé ìwòsàn náà ní ohun tó lè ṣe. Bí PCV àti pelétílẹ́ẹ̀tì bá jọ já wálẹ̀, tí wọn kò sì rí kòkòrò ibà, ó lè bi dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹnì kan ti wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù?" Dókítà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í bínú sí ìbéèrè yẹn. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ṣíláìdì kan ṣì ń dúró kí a wò ó, ó sì yẹ ká wò ó kí ilẹ̀ tó ṣú.